Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sáíkọ́lọ́jì: ẹ yé fi òṣùwọ̀n tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò wọn àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sáíkọ́lọ́jì ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, a ò sì ní gbàgbé.

Ìpinnu kan ló mú mi kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin ń kàwé gboyè kejì ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka yín. Ó fẹ́ wádìí bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ní abúlé ṣe ń rí nǹkan tuntun kọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láyè láti ṣe ìdánwò tó bá ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ náà mọ̀ mu, kí òun sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí òun tó fi ṣèdájọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ dá ìwé rẹ̀ padà. Wọ́n ní kó lo ìdánwò tí wọ́n ṣe ní òkè òkun, kó sì fi máàkì inú ìwé atọ́nà rẹ̀ ṣèdájọ́, nítorí pé gbogbo ayé ti gbà á. Wọ́n ní bí abúlé bá sì jìnnà, kó kúkú yí àkòrí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kó pín ìwé ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó sí kíláàsì nínú ọgbà yunifásítì.

Mi ò dárúkọ ẹ̀ka náà, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí sí i nìyí.

1. Ta ni "gbogbo ayé" tí ẹ ń sọ?

Ní 2008, Jeffrey Arnett, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan ní Amẹ́ríkà, tú ìwé ìròyìn ìwádìí mẹ́fà tó gbajúmọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ wò, láti mọ àwọn tí wọ́n ń wádìí lára wọn gan-an. Nínú ọgọ́rùn-ún àwùjọ tí wọ́n lò, 68 ló wá láti Amẹ́ríkà nìkan. Tí a bá fi Yúróòpù, Kánádà, Ọsirélíà àti Ísírẹ́lì kún un, ó di 96. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ni 96 yìí, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé péré ló ń gbé ibẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn náà, èyí tó dá lórí ìwà ẹ̀dá àti ìbágbépọ̀ wọn, 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwùjọ tó wá láti Amẹ́ríkà ní 2007 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì nìkan. Ọmọ ogún ọdún tó ń wá máàkì lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀dá ènìyàn.

Kí ẹ tó sọ pé òyìnbó ló jẹ̀bi, ẹ wo èyí tó kù. Nínú àwọn àwùjọ tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà nínú ìwé ìròyìn yẹn, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bákan náà. Nígbà tí ẹ bá ní kí àbúrò mi fi abúlé sílẹ̀, kó lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí, ohun kan náà lẹ ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ ti lo ohun tó lé ní ọdún méjìlá lẹ́nu fífi bírò dá ìdáhùn mú. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Ọjẹ́ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Awọ wọn jọra, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a fi èsì ọ̀kan sọ ti èkejì.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn, pé ojú àti etí kò lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó lè yàtọ̀. Ẹ rántí àwòrán ìlà méjì tí gígùn wọn dọ́gba, tí wọ́n fi orí ọfà sí ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀kan, tí wọ́n sì dojú ọfà ti èkejì kọ òdìkejì. Gbogbo wa la rí i nínú ìwé kíláàsì àkọ́kọ́, tí wọ́n ní ojú ẹ̀dá máa ń rí ọ̀kan bí ẹni pé ó gùn ju èkejì lọ. Ní 1966, Segall, Campbell àti Herskovits gbé èsì jáde láti ọ̀pọ̀ àwùjọ kárí ayé, tó fi mọ́ Áfíríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Evanston ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀tàn náà mú jù: ó tó kí wọ́n fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kún ìlà tó dà bíi pé ó kúrú kí wọ́n tó rí méjèèjì bíi dọ́gba. Àwọn ọdẹ ìran San ní aṣálẹ̀ Kàlàhárì, ẹ̀tàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú wọn rárá. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, bóyá igun ilé àti yàrá onígun mẹ́rin tí èèyàn dàgbà sí ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀dá ló wá wà ní ìpẹ̀kun ìlà, tí gbogbo èèyàn yòókù wà lẹ́yìn wọn.

2. Ọmọ tó mọ wáyà lò, ẹ fún un ní pẹ́ńsù

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń ṣe. Wọ́n wá sí ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ láti dán àwọn ọmọ wò. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya èèyàn sórí bébà. Ìdánwò yìí ti pẹ́, Florence Goodenough ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1926. Bí wọ́n ṣe ń fún un ní máàkì ni pé wọ́n á ka ohun tí ọmọ fi sí ara àwòrán náà: ojú, ọrùn, ìka ọwọ́ tó pé márùn-ún, aṣọ, bí apá ṣe so mọ́ èjìká. Iye ohun tó bá yà ni wọ́n á fi wo ọjọ́ orí ọpọlọ rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ya orí róbótó, igi mẹ́rin, ó tán. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra. Ọmọ yìí kan náà, lẹ́yìn ilé-ìwé, máa ń fi wáyà tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ṣe ọkọ̀. Ó ń tẹ wáyà náà mọ́ra wọn, ó ń gé bàtà sílípáàsì tó ti já ṣe táyà, ó sì ń so ìdarí gígùn mọ́ ọn tó fi ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ tó ya àwòrán dáadáa ló ń tẹ̀ lé e káàkiri, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn.

Kì í ṣe pé inú ń bí mi lásán, wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan, Robert Serpell, gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1979. Ó mú àwọn ọmọ láti Lusaka ní Sáḿbíà àti àwọn ọmọ láti Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ kan náà ló fún wọn: kí wọ́n wo àpẹẹrẹ kan, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù àti bébà ṣe é, àwọn ọmọ Manchester ṣe dáadáa jù. Nígbà tí wọ́n fi wáyà ṣe é, àwọn ọmọ Lusaka ló borí. Amọ̀ ńkọ́, èyí tí ọmọ méjèèjì ń fi ṣeré? Wọ́n dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dọ́gba nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ lásán ṣàfarawé.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ wo ohun tí èyí ń sọ. Ká ní pẹ́ńsù nìkan ni Serpell gbé lọ, a bá ti ka á nínú ìwé pé ojú ọmọ Áfíríkà kì í lè mú àpẹẹrẹ dáadáa. Ká ní wáyà nìkan ni, a bá ti sọ ohun kan náà nípa ọmọ òyìnbó. Kò sẹ́ni tí ì bá sọ ìyẹn nípa ọmọ òyìnbó, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń gbé wáyà lọ sí Manchester láti lọ wọn ọpọlọ.

Kì í ṣe èyí nìkan. Ní abúlé àwọn Chewa ní ìlà-oòrùn Sáḿbíà, Serpell bi àwọn àgbàlagbà tó mọ àwọn ọmọ náà pé, bí iṣẹ́ pàtàkì kan bá délẹ̀, ta ni wọ́n á rán nínú wọn, kí sì nìdí? Ohun tí wọ́n ń wò kọjá kí ọmọ yára lóye. Wọ́n ń wo ọmọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, tó ń gbọ́rọ̀, tó sì mọ ojúṣe rẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ọmọ tí àgbà yàn kì í sábà jẹ́ ọmọ tí ìdánwò fún ní máàkì gíga. Èyí yé ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nínú agbo ilé Yorùbá. Wọ́n tún ṣètò ìdánwò mìíràn ní Sáḿbíà, níbi tí ọmọ ti ń fi amọ̀ mọ èèyàn dípò kó yà á. Àwọn ọmọ Sáḿbíà fúnra wọn ni wọ́n sì fi ṣètò máàkì rẹ̀. Irú ohun tí àbúrò mi ń bẹ̀bẹ̀ láti ṣe nìyí.

3. Nígbà tí èsì bá dojú rú

Gbogbo yín lẹ ń kọ́ni ní ìdánwò súìtì tí Walter Mischel ṣe ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní Yunifásítì Stanford. Ẹ gbé ohun dídùn kan síwájú ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ ní bó bá lè dúró títí ẹ ó fi padà dé, yóò gba méjì. Wọ́n tọ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n ní àwọn tó lè dúró ló ṣe dáadáa jù níwèé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó wà ní yunifásítì náà. Ní 2018, Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe lára ọmọ tó lé ní 900, tó ní ọmọ ìyá tí kò ka yunifásítì nínú. Nígbà tí wọ́n ka ipò ìdílé mọ́ ọn, àǹfààní dídúró náà dínkù gidigidi.

Ọdún yẹn kan náà ni Bettina Lamm, Heidi Keller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ti Kamẹrúùnù jáde. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ ìran Nso, ọmọ àgbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ ìdílé tó rí já jẹ ní ìlú Jẹ́mánì. Wọn ò gbé ohun dídùn òyìnbó tí ọmọ kò mọ̀ lọ, pọ́fù-pọ́fù ni wọ́n gbé síwájú ọmọ Nso. Wọ́n ní kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nso ló dúró. Nínú àwọn ọmọ Jẹ́mánì, 28 ni. Àwọn ọmọ Jẹ́mánì ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń yí kẹ́yìn sí i. Àwọn ọmọ Nso jókòó jẹ́ẹ́, àwọn kan tiẹ̀ sùn lọ.

Ó wù wá láti yọ̀ pé ọmọ Áfíríkà borí, ṣùgbọ́n kò yẹ ká yọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ti wo bí ìyá Nso ṣe ń tọ́ ọmọ láti kékeré: ìyá ló ń darí, ọmọ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀, kò gbọ́dọ̀ máa pariwo ohun tó ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà dúró nítorí pé àgbà ní kó dúró, kì í ṣe nítorí pé ó ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà lórí pọ́fù-pọ́fù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà, ohun tí ọmọ fẹ́ràn lórí tábìlì, síbẹ̀ ohun tó ń wọ̀n lára ọmọ méjèèjì lè máà jẹ́ ọ̀kan. Bí olùkọ́ kan ní Òṣogbo bá wá fi irú ìdánwò yìí sọ ọmọ tí yóò là lọ́la, kí ló ń sọ gan-an, ìkóra-ẹni-níjàánu ni tàbí ìgbọràn?

4. Abẹ́òkúta ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí rí

Àwọn kan nínú yín á sọ pé irú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ló ń sọ Áfíríkà di ayé ọ̀tọ̀, bí ẹni pé a kì í ṣe ẹ̀dá bíi tiwọn. Ẹ̀rù yẹn bọ́gbọ́n mu, òun ló sì jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìtàn Abẹ́òkúta.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ohun tí ìwé ń sọ ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ Áfíríkà. J. C. Carothers, dókítà ìjọba amúnisìn tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Nairobi, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1953, ó sì fi ọpọlọ ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti gé iṣan iwájú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn tó rí nílé ìwòsàn ló fi ṣèdájọ́. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe ní abúlé, tó jókòó sílé tí kò dàlú rú, ta ni yóò gbé e lọ sí Nairobi?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń darí ilé ìwòsàn Aro, kò gbà. Òun àti Alexander Leighton, dókítà àrùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jáde lọ sí àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè ní àìsàn ọkàn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n bá àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn níbẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ tí Carothers rò pé ó rí, ọ̀nà tó gbà wádìí ló bí i.

Nítorí náà, mi ò sọ pé gbogbo èsì òkè òkun ni kò ní bá wa mu. Lára wáyà, ìyàtọ̀ náà yí padà. Lára pọ́fù-pọ́fù, ó lè jẹ́ ohun mìíràn ni wọ́n wọ̀n. Ní Abẹ́òkúta, ìyàtọ̀ náà pòórá. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sí ọ́fíìsì mọ èyí tó máa jẹ́. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nìkan ló lè mọ̀.

5. Ohun tó túmọ̀ sí láti yẹ ìdánwò wò

Kíkọ ọ́ ní Yorùbá nìkan kò tó, bí wọ́n tilẹ̀ tún un kọ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti fi wé ti àkọ́kọ́. Mo ti tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí oko. Màmá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún gbé àga fún wa, ó bu omi wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé ìwé dání bẹ̀rẹ̀ sí kà á: ṣé ẹ fara mọ́ ọn gidi, ẹ fara mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ò sọ nǹkan kan? Màmá ní "bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi" sí gbogbo rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè tó ní inú òun ń dùn, ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni sí èyí tó ní ayé ti sú òun. Àlejò ni wá, kò fẹ́ já wa kulẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú kọ̀ǹpútà.

Irú ìdáhùn báyìí ṣeé rí kí ó tó ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ mú èèyàn díẹ̀ kọ́kọ́, ẹ ka ìbéèrè kan sí wọn létí, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn sọ ohun tí ẹ bi wọ́n. Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti yà kúrò lọ́nà, ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bàjẹ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn ìbéèrè tó yẹ kó máa rìn pọ̀ ń rìn pọ̀, kí èyí tó yẹ kó forí gbárí sì forí gbárí. Kí ẹ wá fi máàkì náà wé ohun tí ẹ mọ̀ láti ibòmíràn: ohun tí dókítà rí, ohun tí àgbà ilé sọ nípa ọmọ náà. Bí wọn kò bá bára mu, ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

6. Ohun tí mo ń béèrè

Èkíní, ẹ fagi lé òfin tó ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ìdánwò òkè òkun pẹ̀lú máàkì òkè òkun. Kí ìgbìmọ̀ tó gba ìdánwò èyíkéyìí wọlé, kí ó béèrè pé, lára ta ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín?

Èkejì, ẹ gba iṣẹ́ yíyẹ ìdánwò wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìgboyè tó pé. Ní báyìí, ẹ ń wò ó bí ìpalẹ̀mọ́ tí kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sá fún un.

Ẹ̀kẹta, kí orí ìwé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ àwọn tó kópa gan-an. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ 200 nínú ọgbà kan ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ "àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà" sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kó àwọn ìdánwò tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní èdè Yorùbá jọ síbì kan tí gbogbo yunifásítì lè ti rí wọn gbà, pẹ̀lú máàkì wọn àti ibi tí wọ́n kù sí. Púpọ̀ wà nínú àpótí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n má ṣe fi àwòrán orí bébà nìkan sọ pé ọpọlọ ọmọ kankan lọ́ra, kí wọ́n sì yọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú fáìlì àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ ọ́ sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì ní gbangba kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gba àkòrí iṣẹ́ ìwádìí ní sáà tó ń bọ̀. Ìwé àbúrò mi ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ bí wọ́n ṣe dá a padà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó tún gbé e wá.

Èmi ni,
Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun